Bí A Bá Pa Ọ̀rọ̀ Rẹ́ Lójú Ìwé, Kí Ló Ń Kù Nínú Ohùn?

Láti bíi oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè nípa àwọn sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń tún pọ́díkáàsì ṣe lóde òní. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà máa ń kọ gbogbo ohun tí èèyàn sọ sójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú ìwé yẹn, ohùn tó bá a mu á gé kúrò nínú pọ́díkáàsì náà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé a lè fi ṣe Yorùbá?

Ìdáhùn mi ni pé a lè fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú ìwé àti ohùn kì í ṣe ohun kan náà, pàápàá jù lọ nínú èdè wa. Ọ̀rọ̀ méjì tí àlàfo wà láàárín wọn lójú ìwé lè máa jẹ fáwẹ́lì kan ṣoṣo ní àjọpín lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni màá sì fi ṣe é.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí téèpù onírìn-ín-rin tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ kúrò á fi ọwọ́ yí téèpù síwá sẹ́yìn títí yóò fi gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Á fi pẹ́ńsù sàmì sí i, á fi bíléèdì gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á sì fi sẹ́lótéèpù so ẹnu méjèèjì pọ̀. Téèpù ọ̀hún sábà máa ń sáré bíi sẹ̀ǹtímítà 19 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sílébù kan tó gba 0.19 ìṣẹ́jú àáyá kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ lórí téèpù. Etí ni wọ́n fi ń wá ibi tí wọ́n máa gé.

Ohun tó yí padà ni pé ojú la fi ń wá a báyìí. Ní ọdún 2013, Rubin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Bẹ́kílì gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn bí a ṣe lè tún ìtàn orí rédíò ṣe nípa títún ìwé rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2017 ni Descript jáde gẹ́gẹ́ bí ọjà fún gbogbo ayé, àwọn ẹlòmíràn sì ti tẹ̀ lé e.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní. Àkọ́kọ́ ni àdàkọ: a ó kọ gbogbo ohun tí èèyàn sọ sílẹ̀, yálà ẹ̀rọ ló kọ ọ́ tàbí àwa fúnra wa. Ìkejì ni fífi ọ̀rọ̀ bá ohùn mu: ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ìkẹta ni gígé. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ẹ̀rọ náà kò fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́ rárá. Ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé: nígbà tí o bá dé ibí, fò lọ sí ọ̀hún.

Ibi tí ẹ̀rọ bá ti fò, ó máa ń dín ohùn apá àkọ́kọ́ kù, ó sì ń gbé ti ìkejì sókè lórí ara wọn fún nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró "kẹ́" níbi oríkèé náà, nítorí pé ìgbì ohùn apá kan kò bá ti èkejì dọ́gba níbi tí wọ́n ti pàdé.

Nínú Yorùbá, ìpele kìíní ló le jù fún ẹ̀rọ. Whisper, tí OpenAI gbé jáde ní ọdún 2022, ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n àdàkọ Yorùbá rẹ̀ máa ń fẹ́ àtúnṣe tó pọ̀ gan-an. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fúnra yín kọ àdàkọ náà, kí ẹ wá fi ìpele kejì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ìyẹn rọrùn fún un púpọ̀, torí pé ẹ ti sọ ohun tó wà nínú ohùn náà fún un. Ibi tí ó wà nìkan ló kù kí ó wá. Iṣẹ́ MMS tí Meta gbé jáde ní 2023 ní irinṣẹ́ tó lè ṣe èyí fún èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà nínú wọn. Montreal Forced Aligner náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Gbólóhùn wa

Ẹ jẹ́ ká gbà pé a ń bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ní Ìgbólé-Èkìtì nípa ọdún kan tí owó wọ́n. Èmi ni mo hun gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ẹ ó máa bá pàdé lójoojúmọ́:

"A ta iṣu… ẹ̀n… a ta ẹ̀gẹ́ lọ́dún yẹn, a kò ta ilẹ̀."

Àgbẹ̀ náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó sì tún un sọ: ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tà, kì í ṣe iṣu. Olóòtú fẹ́ kí ó jáde gẹ́gẹ́ bí "A ta ẹ̀gẹ́ lọ́dún yẹn, a kò ta ilẹ̀." Lẹ́yìn ìpele kejì, irú ohun tí ẹ̀rọ máa ní lọ́wọ́ nìyí. Nọ́ńbà ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn nọ́ńbà náà, mo sì fi wọ́n síbẹ̀ fún àpẹẹrẹ:

```
{"word": "A",    "start": 12.10, "end": 12.20}
{"word": "ta",   "start": 12.20, "end": 12.39}
{"word": "iṣu",  "start": 12.39, "end": 12.68}
{"word": "ẹ̀n",   "start": 13.04, "end": 13.60}
{"word": "a",    "start": 13.95, "end": 14.05}
{"word": "ta",   "start": 14.05, "end": 14.13}
{"word": "ẹ̀gẹ́", "start": 14.13, "end": 14.47}
```

Ẹ wo "ta" méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ gba 0.19, ti ìkejì ò ju 0.08 lọ. Kí ló fà á? Ìpàrójẹ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ bá pàdé, fáwẹ́lì kan máa ń jẹ èkejì. Nínú "ta iṣu", fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-orúkọ ló lọ: "taṣu" là ń gbọ́. Nínú "ta ẹ̀gẹ́", fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló lọ: "tẹ̀gẹ́" là ń gbọ́. Ojú ìwé sọ pé "ta" kan náà ni. Ohùn sọ pé ọ̀kan ní fáwẹ́lì, èkejì kò ní nǹkan kan ju /t/ lọ.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe wá mọ ibi tí "ta" parí sí nínú "taṣu"? Kò mọ̀ ọ́n, torí pé kò sí ibẹ̀. A ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà, ó sì gbọ́dọ̀ fi ààlà sí ibì kan, nítorí náà á fi í sí ibi tó bá rí i. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ò tilẹ̀ lè pín àkókò wẹ́wẹ́ ju 0.01 tàbí 0.02 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ má gba nọ́ńbà náà bí ẹni gba òtítọ́ láti ọ̀run.

Ọ̀nà méjì sí ìwé kan náà

Olóòtú lè gba ọ̀nà méjì dé "A ta ẹ̀gẹ́". Ọ̀nà kìíní: kí ó pa "iṣu ẹ̀n a ta" rẹ́, kí "A ta" àkọ́kọ́ lè so mọ́ "ẹ̀gẹ́". Ọ̀nà kejì: kí ó pa "A ta iṣu ẹ̀n" rẹ́, kí "a ta ẹ̀gẹ́" ìkejì dúró bó ṣe wà. Lójú ìwé, ohun kan náà ni méjèèjì máa fún wa. Ẹni tó bá ń fi ojú nìkan ṣiṣẹ́ kò ní rí ìdí tí a ó fi yan ọ̀kan.

Ẹ wá gbọ́ wọn. Ọ̀nà kìíní ń ta láti 12.39 bọ́ sí 14.13. "Ta" tó ti "taṣu" wá ní fáwẹ́lì /a/ tirẹ̀, ó sì ti ń múra fún /ṣ/. "Ẹ̀gẹ́" tí a so mọ́ ọn kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, torí inú /t/ mìíràn ló ti jáde wá. Ohun tí a ó gbọ́ ni "ta-ẹ̀gẹ́" tó kọsẹ̀ láàárín, bí ẹni tó fẹ́ já sí kòtò. Bí ààlà ẹ̀rọ bá tún yẹ̀ díẹ̀, ìró /ṣ/ kékeré kan á kù sẹ́yìn "ta".

Ọ̀nà kejì kò gé àárín ọ̀rọ̀ kankan. Láti ìdákẹ́ dé ìdákẹ́ ló gé, "tẹ̀gẹ́" sì jáde bí àgbẹ̀ náà ṣe sọ ọ́. Òfin kìíní tí màá fún yín nìyẹn: bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ tó sì tún un sọ, ẹ pa gbogbo ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí ẹ má ṣe dá apá kan sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àwọn ìdákẹ́ náà. Láàárín "iṣu" àti "ẹ̀n", ìdákẹ́ 0.36 wà, láàárín "ẹ̀n" àti "a", 0.35. Ìdákẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ pa ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́ kí ìdákẹ́ méjèèjì sì kù sílẹ̀. Á wá di 0.71 tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan, lórí ìdákẹ́ tó ti wà kí gbólóhùn náà tó bẹ̀rẹ̀. Olùgbọ́ á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ibi tó yẹ ká gé ni 12.10 sí 13.95, ìyẹn 1.85 lápapọ̀, ká sì dá ìdákẹ́ tó ṣáájú 12.10 sí. Ẹ má pa gbogbo ìdákẹ́ rẹ́ o. Èémí àti ariwo adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá já lójijì, etí á mọ̀.

Ohùn tó ṣẹ́kù láìní olówó

Ẹ jẹ́ ká ní olóòtú tún fẹ́ dín in kù sí i. Ó ní kò pọn dandan ká dárúkọ ẹ̀gẹ́, ó sì pa á rẹ́. Ìwé wá di "A ta lọ́dún yẹn." Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an ni "tà", ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á di ohùn àárín: "ta ẹ̀gẹ́", "ra aṣọ", "ka ìwé", "gba owó". Tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ náà á dúró: "tà á", "rà á", "kà á", "gbà á". Bí kò bá sí àbọ̀ rárá, ó tún máa ń dúró: "ọjà náà tà."

Nítorí náà, ohùn àárín tó wà lórí "ta" dà bí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀-orúkọ kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá gé ọ̀rọ̀-orúkọ náà sọ nù, ohùn àárín yẹn á ṣẹ́kù láìní olówó. "A ta" tí olùgbọ́ máa gbọ́ kò sọ̀rọ̀ ọjà mọ́. Àkéekèé ló ń ta èèyàn. Ayò ni a ń ta. Nínú gbólóhùn tiwa ó tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé "tẹ̀gẹ́" ni a sọ: bí ẹ bá gé "ẹ̀gẹ́", /t/ lásán ló kù.

Ìdí tí olóòtú kò fi rí i ni pé àdàkọ tí kò ní àmì ohùn ń kọ "ta" àti "tà" bákan náà. Lójú ìwé, "A ta lodun yen" kò ní àbùkù kankan. Òfin kejì nìyí: ẹ fi àmì ohùn sí àdàkọ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gé, kí ẹ sì kọ ohùn tí ẹ gbọ́, kì í ṣe èyí tí ìwé atúmọ̀ èdè kọ. Ẹ̀rọ kò nílò àmì náà. MMS tilẹ̀ máa ń yọ àmì ohùn àti ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà kúrò kí ó tó wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gé lẹ nílò rẹ̀.

Bákan náà ni ẹ̀ka-èdè. Bí àgbẹ̀ náà bá pe "ilé" ní "ulé" gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é ní Èkìtì, ẹ kọ "ulé". Bí ó bá sọ pé "lọ́dún", ẹ má kọ "ní ọdún" fún un, torí pé ẹ̀rọ á máa wá /n/ tí kò sí níbẹ̀, ààlà á sì yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń gbé ilẹ̀ lọ

Ó ku apá tó kẹ́yìn gbólóhùn wa: "a kò ta ilẹ̀." Sílébù kan ṣoṣo ni "kò". Bí ọwọ́ bá yẹ̀, tàbí bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀, tó pa á rẹ́, ó di "a ta ilẹ̀." Ẹ̀yin mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀ láàárín ìdílé méjì ní ìlú wa.

Inú mi dùn láti sọ pé gírámà Yorùbá fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ wa lọ́pọ̀ ibi. Ẹ pa "kò" rẹ́ nínú "wọn kò ta ilẹ̀": "wọn ta ilẹ̀" ló kù, pẹ̀lú ohùn àárín, nígbà tó jẹ́ pé "wọ́n ta ilẹ̀" ni ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ máa sọ. Ẹ pa á rẹ́ nínú "mi ò ta ilẹ̀": "mi ta ilẹ̀" ló kù, ọmọ Yorùbá wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ pa á rẹ́ nínú "ọba kò ta ilẹ̀": ohùn òkè tó máa ń so olùwà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, tí à ń gbọ́ ní òpin "ọbá" nínú "ọbá ta ilẹ̀", kò sí níbẹ̀. Etí tó mọ èdè á fura.

Ṣùgbọ́n ibi mélòó kan wà tí kò ní olùṣọ́. "A", "o" àti "ẹ" ní ohùn àárín yálà "kò" tẹ̀ lé wọn tàbí kò tẹ̀ lé wọn: "a ta", "a kò ta", "o ta", "o kò ta", "ẹ ta", "ẹ kò ta". Olùwà tó ti ní ohùn òkè ní òpin, bíi "bàbá", kò sì ní fi àmì kankan hàn. Ohun tó wá burú jù ni pé ibẹ̀ gan-an ni gígé ti rọrùn jù. Kọ́ńsónáǹtì /k/ àti /t/ máa ń pa ẹnu dé díẹ̀ kí wọ́n tó bú jáde, ìdákẹ́ tín-ín-rín sì wà ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ bá gé láti ìdákẹ́ tó ṣáájú "kò" dé ìdákẹ́ tó ṣáájú "ta", oríkèé náà lè mọ́ tónítóní débi pé ẹni tó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè má mọ̀.

Ó sàn díẹ̀ bí ó bá jẹ́ "a ò ta ilẹ̀" ló sọ. "Ò" máa ń ràn mọ́ "a" tó ṣáájú rẹ̀, tí a ó máa gbọ́ bíi "aà" gígùn kan tó ń rẹlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gé e sábà máa ń fi ìrù ohùn tó ń rẹlẹ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i nínú Praat, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí Boersma àti Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, ẹ ó rí ìlà ohùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ tó sì já lójijì.

Nítorí náà, òfin kẹta: kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wá gbogbo "kò", "ò", "kì í", "má" àti "kọ́" inú àdàkọ náà, kí ẹ kun wọ́n ní àwọ̀ pupa. Ẹ ò gbọdọ̀ pa èyíkéyìí nínú wọn rẹ́ àfi bí gbogbo gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ bá jọ lọ pọ̀. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ bó ṣe wà, ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ẹ gé. Bí ìjà bá dé, òun ló máa sọ ẹni tó sọ kí ni.

Bí ẹ ṣe máa yẹ iṣẹ́ yín wò

Tí ẹ bá parí, ẹ bo ojú kọ̀ǹpútà náà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, torí pé bí ẹ bá ń ka ìwé náà bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ojú yín á máa bá etí yín parí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún ṣáájú oríkèé kọ̀ọ̀kan àti márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnì kejì tí kò mọ ibi tí ẹ gé jókòó tì yín, kí ó sì máa nawọ́ níbi tó bá ti fura.

Ibi tó bá ti nawọ́, ẹ má kàn sún ààlà síwá sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé fáwẹ́lì ni mo là sí méjì, ṣé ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣẹ́kù láìní àbọ̀, àbí ìdákẹ́ ló pọ̀ jù? Bí ó bá jẹ́ ìdákẹ́, ẹ dín in kù. Bí ó bá jẹ́ fáwẹ́lì, ẹ sún ibi tí ẹ gé lọ sí ìdákẹ́ tàbí ṣáájú /k/ tàbí /t/ tó sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá jẹ́ ti ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí sísún kankan tó lè tún un ṣe: ẹ dá àbọ̀ náà padà sí àyè rẹ̀, tàbí kí ẹ mú gbogbo gbólóhùn náà kúrò.